Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ìkọ́lé Gbọ̀ngàn Àdúgbò Wa: Irin 16 Tí Ẹ Rà Kì í Ṣe 16

Sí Alága, Akọ̀wé, Akápò àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Ìkọ́lé,
Èbúté Mẹ́ta, Èkó.

Ẹ̀yin bàbá mi àti ẹ̀yin ìyá mi, mo dọ̀bálẹ̀ kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ìpinnu tí ẹ ṣe ní ìpàdé ọjọ́ Sátidé tó kọjá ló mú mi kọ̀wé yìí. Ẹ ní kí iṣẹ́ máa lọ pẹ̀lú irin tí ọkọ̀ já sílẹ̀ níwájú gbọ̀ngàn, kí a sì da kọ̀ǹkéré sí òpó méjèèjìlá ìsàlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo wà ní ìpàdé náà. Mo nawọ́, wọ́n ní kí n jókòó, pé atẹ̀rin ni mí, n kì í ṣe ẹnjiníà. Òótọ́ ni, n kì í ṣe ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń gé irin, tí mo ń tẹ̀ ẹ́, tí mo ń fi wáyà dì í, láti Ìdúmọ̀tà títí dé Ṣómólú, mo sì mọ ohun tí mo rí. Mo ń kọ ọ́ síta kí gbogbo èèyàn lè kà á, nítorí owó gbogbo wa ló ra irin yìí, àwọn ọmọ gbogbo wa ni yóò sì máa jókòó lábẹ́ dẹ́kìn tí yóò gbé.

N kò fẹ̀sùn olè kan ẹnikẹ́ni nínú yín, n kò sì ní dárúkọ ẹni tó ta irin fún wa, nítorí ó lè jẹ́ pé wọ́n tan òun náà ni. Irin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

1. Bí mo ṣe mọ̀ pé nǹkan kù

Ẹ ó rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì la ra irin. Ẹrù àkọ́kọ́ la lò fún ìpìlẹ̀. Àwọn sítátà tó yọ orí sókè láti inú ìpìlẹ̀ báyìí, mẹ́jọ mẹ́jọ ní ẹsẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan, ara ẹrù àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n. Ẹrù kejì ló dé lọ́jọ́ Tuesday, tọ́ọ̀nù 3 irin 16, ìyẹn irin tí ìnípọn rẹ̀ yẹ kó jẹ́ mílímítà 16, tí wọ́n kà sí 53 ọ̀pá fún tọ́ọ̀nù kan, àpapọ̀ ọ̀pá 159.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì ló ń gbé irin láti ojú títì wọ inú ọgbà. Irin 16 tó gùn ní mítà 12, ọ̀pá mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbé lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Lọ́jọ́ yẹn, mẹ́rin ni wọ́n ń gbé, tí wọ́n tún ń takurọ̀sọ. Mo rí i, mo sì rò pé ìdùnnú owó oṣù ni. Ìgbà tí mo gbé irin tuntun ti sítátà láti dì wọ́n pọ̀ ni ara mi kò balẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n kan náà ni mo máa ń gé gbogbo wáyà ìdì fún irin 16 méjì. Èyí tí mo gé ṣẹ́kù ju bó ṣe yẹ lọ lẹ́yìn tí mo lọ́ ọ tán. Mo tú u, mo tún un dì, ó tún ṣẹ́kù. Mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo orí irin méjèèjì tí a gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ojú lásán rí ìyàtọ̀ rẹ̀.

Mo wá àmì lára irin tuntun náà, kò sí. Irin tó wá láti iléeṣẹ́ tó fi orúkọ rẹ̀ dúró máa ń ní àmì tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lára nígbà tó ṣì gbóná, tí yóò máa padà wá léraléra bí èèyàn ṣe ń tọ irin náà lọ. Lára sítátà wa, ẹ ó rí àmì iléeṣẹ́ náà àti 16 tí wọ́n kọ sí i. Mo fi omi fọ ọ̀pá tuntun mẹ́fà, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpáta wọn kúrò, mo tọ̀ wọ́n láti orí dé ìdí. Ìlà wíwú lásán ló wà lára wọn.

2. Ọ̀rọ̀ kálípà tí wọ́n fi pa mí lẹ́nu mọ́

Nígbà tí mo kọ́kọ́ pariwo, ọmọ ẹni tó ta irin wá pẹ̀lú kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìnípọn irin. Ó fi há irin níwájú Akọ̀wé wa, kálípà kọ 15.6. Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, 16 náà nìyí." Akọ̀wé gbà, nítorí ojú rẹ̀ ló ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi níbí, torí pé ibí gan-an ni wọ́n ti ń fi irin tan àwọn onílé jẹ ní Èkó. Ara irin ilé kì í dán. Ó ní àwọn ìlà tó wú sókè, tí wọ́n fi sí i kí kọ̀ǹkéré lè rí i dì mú. Ọmọkùnrin yẹn fi ẹnu kálípà há orí ìlà wíwú ní ẹ̀gbẹ́ kan àti orí ìlà wíwú ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìwọ̀n tó mú nìyẹn. Mo gba kálípà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi há àárín ìlà méjì, níbi tí ara irin gan-an wà. Ó kọ 13.6. Lẹ́yìn náà mo gbé kálípà kan náà lọ sídìí sítátà. Ní àárín ìlà, ó kọ 15.4. Lórí ìlà wíwú, ó lé ní 17.

Irin 16 gidi kì í wọn 16 géérégé ní ibi kankan lára rẹ̀. Orí ìlà rẹ̀ máa ń ju 16 lọ, àárín ìlà sì máa ń dín díẹ̀. Orúkọ tí a fi ń pe irin ni 16, ìyẹn ni pé tí wọ́n bá yọ́ irin náà, tí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀pá tó dán rọ́rọ́ láìsí ìlà kankan, ìnípọn rẹ̀ yóò jẹ́ mílímítà 16. Nítorí náà, tí kálípà bá kọ 16 tàbí kó dín sí i lórí ìlà wíwú, kí ẹ fura ni. Kálípà dára láti fi mọ ẹ̀tàn kíá, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fi dá ẹjọ́ irin. Òṣùwọ̀n ló ń dá a.

3. Ohun tí òṣùwọ̀n sọ

Mo yá òṣùwọ̀n oníná lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ẹja oníyìnyín ní Oyíngbò. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òṣùwọ̀n ẹja máa ń purọ́, mo kọ́kọ́ gbé iyọ̀ kílò kan tí a kò tíì já lé e. Ó kọ 1.01, èyí tó jẹ́ iyọ̀ àti ọ̀rá rẹ̀. Nígbà náà ni mo mú ọ̀pá márùn-ún nínú ìdìpọ̀ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, n kò mú gbogbo rẹ̀ nínú ìdìpọ̀ kan ṣoṣo. Mo fi téépù wọn mítà kan ní àárín ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, mo fi ayùn gé e kí ojú rẹ̀ lè tọ́, mo fi fáìlì pa eyín rẹ̀, mo gbọn ìpáta rẹ̀ dànù.

Mítà kan irin 16 gbọ́dọ̀ wọn kílò 1.58. Ìṣirò tí gbogbo onírin mọ̀ nìyí: ẹ fi ìnípọn irin sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ fi 162 pín in, ẹ ó rí iye kílò mítà kan. 16 lọ́nà 16 jẹ́ 256. Tí a bá fi 162 pín in, 1.58 ló bọ́ sí. Fún irin 12, yóò fún yín ní kílò 0.89. Fún irin 20, kílò 2.47. Nínú ìlà méjì tó tẹ̀ lé e yìí, d ni ìnípọn irin ní mílímítà.

```
kílò ní mítà kan = d × d ÷ 162
d = √(kílò ní mítà kan × 162)
```

Ohun tí mo rí lórí òṣùwọ̀n nìyí: 1.21, 1.23, 1.22, 1.19, 1.25. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6.10. Tí a bá fi márùn-ún pín in, ó jẹ́ kílò 1.22 fún mítà kan. Ẹ gbé fóònù yín, ẹ fi 1.22 lọ́nà 162, kí ẹ tẹ àmì √. Ẹ ó rí 14.06. Irin 14 la rà ní orúkọ 16.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣe irin tí kì í ṣi díẹ̀. Òótọ́ ni. Ìlànà BS 4449, èyí tí ẹnjiníà wa kọ sórí àwòrán, gba irin mílímítà 12 sókè láyè kí ìwúwo rẹ̀ fi ìdá 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún dín tàbí lé. Fún irin 16, ìyẹn túmọ̀ sí pé kò gbọ́dọ̀ dín ní kílò 1.51 ní mítà kan. Tiwa jẹ́ 1.22. Ó fi ìdá mẹ́tàlélógún nínú ọgọ́rùn-ún dín. Ṣíṣì ẹ̀rọ kò lè tó bẹ́ẹ̀.

Mo tún gé mítà kan lára irin ẹrù àkọ́kọ́ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kílò 1.56 ló wọn. Òṣùwọ̀n kan náà, ọwọ́ kan náà.

Ẹ wá padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ọ̀pá 16 gidi tó gùn ní mítà 12 wọn nǹkan bíi kílò 19, mẹ́ta jẹ́ 57. Ọ̀pá tuntun yìí kò pé kílò 15, mẹ́rin rẹ̀ kò ju 59 lọ. Èjìká wọn ti wọn irin náà kí èmi tó wọ̀n ọ́n.

Kí ni ó wá túmọ̀ sí nínú òpó? Ẹran ara irin 16 kan, tí èèyàn bá wo ojú ibi tí a gé, jẹ́ mílímítà onígun mẹ́rin 201. Ti irin yìí jẹ́ 155. Mẹ́jọ ni ẹnjiníà ní kí a fi sínú òpó kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ 1,608. Mẹ́jọ tiwa yóò jẹ́ 1,240. Ìyàtọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀pá 16 méjì. Tí mo bá dì òpó kan níwájú yín, tí mo wá fa ọ̀pá méjì yọ nínú mẹ́jọ kí a tó da kọ̀ǹkéré, ṣé ẹ ó jẹ́ kí n kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ pe ọlọ́pàá? Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí wa nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pá mẹ́jọ lẹ ó kà.

4. Ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n mú wá

Lẹ́yìn òṣùwọ̀n, ẹni tó ta irin gbé ìwé kan wá láti ilé àyẹ̀wò. Alága wa kà á sókè ní ìpàdé: agbára irin náà jẹ́ 451. Àwòrán ẹnjiníà ní 460. Alága ní, "Mẹ́sàn-án péré ló fi dín, ṣé torí mẹ́sàn-án la ó ṣe dá iṣẹ́ dúró?" Gbogbo ìpàdé pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kí n jókòó.

Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká jọ tún ìwé yẹn kà.

Nọ́mbà 460 tí à ń pè ní gíréèdì yìí ni iye agbára tí mílímítà onígun mẹ́rin kan lára irin lè fara dà kí ó tó nà tí kò ní lè padà sípò mọ́. Ẹran irin kékeré kan ṣoṣo ló ń sọ nípa rẹ̀. Kò sọ bí ẹran náà ṣe pọ̀ tó. Bí ìgbà tí èèyàn sọ pé ìrẹsì yìí dára ni, tí kò sọ bóyá kóńgò kan ni tàbí ààbọ̀.

Ẹ wo ìlà kẹta lórí ìwé náà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kà sókè. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ̀rọ fa irin náà, ó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní kílóníútọ̀nù 70. Ilé àyẹ̀wò wá fi 155 pín in, ìyẹn ẹran ara irin náà bí wọ́n ṣe bá a, wọ́n sì rí 451. Ilé àyẹ̀wò kò purọ́. Ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n ni wọ́n dáhùn: ṣé irin tẹ́ ẹ gbé wá yìí le? Ó le díẹ̀. Ìbéèrè tiwa yàtọ̀: ṣé ọ̀pá yìí lè ṣe iṣẹ́ irin 16? Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn ìyẹn gbọ́dọ̀ fi 201 pín 70 náà. Ohun tí yóò rí kò pé 350.

Kí n sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ lórí iṣẹ́. Ẹnjiníà fi ọkàn sí i pé ọ̀pá kan yóò fara da 201 lọ́nà 460, èyí tó jẹ́ kílóníútọ̀nù 92 lé díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn so ẹrù tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án lé díẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ọ̀pá tiwa jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní tọ́ọ̀nù méje lé díẹ̀. Lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ti lọ. Ṣé ẹ rí i pé ó ju ìdá mẹ́tàlélógún tí òṣùwọ̀n sọ lọ? Ohun tó fà á ni pé irin náà tín-ín-rín, gíréèdì rẹ̀ sì tún dín díẹ̀. Àlébù méjèèjì kì í dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ńṣe ni wọ́n ń sọ ara wọn di púpọ̀. Ó dùn mí pé gbogbo rẹ̀ wà lórí ìwé kan náà tí a pàtẹ́wọ́ fún.

N kò sọ pé òpó yóò wó lọ́jọ́ tí a bá ká páákó kúrò. Nínú òpó, kọ̀ǹkéré fúnra rẹ̀ ń gbé ẹrù púpọ̀, ẹnjiníà sì máa ń fi ààyè sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdìpọ̀ kan náà yìí la fẹ́ lò fún bíìmù tí yóò gbé ilẹ̀ gbọ̀ngàn òkè. Ní àárín bíìmù, irin ìsàlẹ̀ nìkan ló ń di ìfàya mú, kọ̀ǹkéré kò lè ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó, tí èèyàn bá kún òkè, tí wọ́n ń jó sí ìlù kan náà, irin yẹn ni yóò máa fà. Ààyè tí ẹnjiníà fi sílẹ̀, nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi í sílẹ̀. Ẹni tó ta irin ti jẹ ẹ́ tán kí a tó wọ ilé.

5. Irin tó fọ́ lọ́wọ́ mi

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù kò sí lórí òṣùwọ̀n, kò sì sí lórí ìwé. Lọ́jọ́ Thursday, mo ń tẹ ẹsẹ̀ irin mẹ́fà fún òpó igun. Mo tẹ̀ wọ́n yí ká páìpù tó nípọn dáadáa, kì í ṣe pé mo ṣẹ́ wọn ní igun. Ìkẹrin dún kẹ́. Mo dáwọ́ dúró, mo fi ìka tọ ẹ̀yìn ibi tó ti tẹ̀. Ó ti là ní ìdí ìlà wíwú kan, ó tín-ín-rín bí irun orí. Mo tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀, ó ṣẹ́. Ojú ibi tó ti ṣẹ́ ń dán wínníwínní bí iyọ̀ oníkóró. Irin tó dára kì í ṣẹ́ báyẹn. Yóò kọ́kọ́ fà, ọrùn rẹ̀ yóò tín-ín-rín, ojú rẹ̀ yóò sì pàwọ̀dà di eérú kó tó já.

Irin tí wọ́n yọ́ láti inú àlòkù, tí mọ́tò, fìríìjì àti ẹ̀rọ jọ wà nínú ìkòkò kan náà, tí wọn kò wọn èròjà rẹ̀ kí wọ́n tó dà á, a máa rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá kan lè rọ̀, èkejì nínú ìdìpọ̀ kan náà lè le bí àwo. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ọ̀pá kan ṣoṣo tí olùtajà fúnra rẹ̀ yàn kò fi lè dáhùn fún ọ̀pá 159. Kò sì sí ẹni tó lè fi ojú tàbí òṣùwọ̀n mọ èyí tó gbẹ bẹ́ẹ̀. Títẹ̀ àti fífà nìkan ló ń tú àṣírí rẹ̀.

Ẹnìkan nínú yín gbà wá nímọ̀ràn pé kí a máa fi iná yan irin náà kí a tó tẹ̀ ẹ́, kó má baà ṣẹ́. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Ọ̀pọ̀ irin òde òní, omi ni wọ́n fi mú ara rẹ̀ le ní iléeṣẹ́ nígbà tó ṣì gbóná. Iná tí a bá yan án níbí yóò tú agbára ìta ara rẹ̀ yẹn ká, ibi tí a sì ti tẹ̀ ẹ́ gan-an ni yóò ti rọ̀ jù.

6. Owó tí ẹ rò pé ẹ jèrè

Akápò wa ṣàlàyé pé olùtajà kejì fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dín ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìdí nìyí tí ẹ fi yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo lóye. Owó àdúgbò kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kà á. Ọ̀pá 53 ni wọ́n pè ní tọ́ọ̀nù kan. Fún irin 16 gidi, iye yẹn tọ̀nà, ó wọn kílò 1,004. Ọ̀pá 53 ti irin yìí wọn kílò 776. Tọ́ọ̀nù 3 tí ẹ sanwó rẹ̀, kílò 2,328 ló wọlé. Kílò 672 ni ẹ sanwó rẹ̀ tí ẹ kò rí.

Tí olùtajà àkọ́kọ́ bá ń gba 100 náírà fún ohun kan, tí èyí ń gba 90 ṣùgbọ́n tó ń fún yín ní 776 nínú 1,000, kílò kan gidi lọ́wọ́ rẹ̀ ti di 116. Olówó pọ́ọ́kú yìí ló wá wọ́n jù. A ń sanwó fún iye ọ̀pá, bẹ́ẹ̀ kílò la fẹ́ rà.

7. Àbá pé kí a kàn fi kún irin

Ìyá kan ní ìgbìmọ̀ béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ìpàdé pé tí mẹ́jọ kò bá tó, ṣé kí a fi mọ́kànlá sí i. Ìbéèrè tó dára ni, ọpọlọ ló fi bi í. Ní ti ẹran irin nìkan, mọ́kànlá irin yìí yóò ju mẹ́jọ irin 16 lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n òpó wa jẹ́ mílímítà 230 sí 450. Ní ẹsẹ̀ òpó, níbi tí irin tuntun ti ń bá sítátà wọnú ara wọn, ọ̀pá mọ́kàndínlógún ni yóò wà níbẹ̀, pẹ̀lú rínǹgì tó yí wọn ká. Òkúta kọ̀ǹkéré kò ní rọ́nà kọjá, ihò ni yóò kù sínú. Yàtọ̀ sí èyí, fífi kún un kò wo irin tó ń ṣẹ́ sàn. Tí ẹnjiníà tó ya àwòrán bá ka àbájáde àyẹ̀wò, tó sì yan ọ̀nà kan, tó fọwọ́ sí i, màá ṣe é. Èmi kò ní fi orí ara mi ṣe é.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín nìyí

Àkọ́kọ́, kí a má da kọ̀ǹkéré sí òpó kankan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Irin tí mo ti dì, mo lè tú u ní ọjọ́ méjì, n kò sì ní gba owó iṣẹ́ lé e. Lẹ́yìn tí kọ̀ǹkéré bá ti bò ó, kò sí ẹni tó lè tú u mọ́.

Èkejì, kí ẹ fi àwòrán, ìwé àyẹ̀wò àti ìwọ̀n tí mo kọ yìí ránṣẹ́ sí ẹnjiníà tó ya ilé náà. Láti ìgbà tí a ti parí ìpìlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì pè é. Òun ló ni kó sọ bóyá irin yìí wúlò níbì kan, bí àpẹẹrẹ fún ògiri ọgbà, tàbí kó padà sọ́jà pátápátá.

Ẹ̀kẹta, tí olùtajà bá ní irin òun dára, kí a lọ ṣe àyẹ̀wò tí àwa fúnra wa gbé lọ. Ilé àyẹ̀wò ìjọba ìpínlẹ̀ wà fún irú nǹkan báyìí, Yunifásítì Èkó tó wà ní Akọka kò sì jìnnà sí wa. Kí àwa, kì í ṣe olùtajà, yan ọ̀pá láti inú ìdìpọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí a gé e ní gígùn tó tó mítà kan ó dín díẹ̀, kí a so àmì mọ́ ọn, kí ẹnìkan nínú yín bá mi gbé e dé ibẹ̀. Kí ìwé tí wọ́n máa fún wa sọ nǹkan mẹ́rin: iye kílò ní mítà kan, agbára tí ọ̀pá náà fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀, bó ṣe nà tó kó tó já, àti bó ṣe ṣe nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìwé tó bá kọ gíréèdì nìkan kò tó.

Ẹ̀kẹrin, láti ìsinsìnyí lọ, kí ìwé tí a fi ń ra irin sọ kílò, kí ó sì sọ pé irin tó bá dín ní kílò 1.51 ní mítà kan fún irin 16, tàbí 0.85 fún irin 12, yóò padà sínú ọkọ̀ tó gbé e wá, kí owó má sì bọ́ sílẹ̀ kí a tó wọ̀n ọ́n. Tí ọkọ̀ bá lè gba orí òṣùwọ̀n ọkọ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù àti láìsí ẹrù, ó dára. Tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, a ó ka ọ̀pá, a ó na téépù sí i, a ó gé márùn-ún. Irin tí wọ́n ká sí méjì kó lè wọ ọkọ̀, kí a na téépù sí i láti orí kan dé ìtẹ̀ rẹ̀, kí a tún na láti ìtẹ̀ dé orí kejì, torí pé inú ìtẹ̀ yẹn ni gígùn máa ń sọnù sí.

Àwọn ègé márùn-ún tí mo wọ̀n, èyí tó ṣẹ́, àti ègé kan láti ẹrù àkọ́kọ́ wà nínú àpò símẹ́ǹtì ní yàrá ìkẹ́rùsí gbọ̀ngàn. Mo fi ọ̀dà funfun kọ nọ́mbà sí wọn lára. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Akọ̀wé. Ìyá ẹlẹ́ja ti gbà láti tún yá mi ní òṣùwọ̀n lọ́jọ́ Sátidé, kí ọjà tó kún, láti aago méje sí mẹ́sàn-án. Ẹ jọ̀ọ́, kí Alága àti Akápò wá, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé irin náà lé e. Kí olùtajà náà wá, tó bá fẹ́. Èmi yóò ti wà níbẹ̀ láti aago mẹ́fà ààbọ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Atẹ̀rin tó ń ṣiṣẹ́ gbọ̀ngàn,
Èbúté Mẹ́ta.